Yà Á Sọ́tọ̀, Má Pa Á: Gbígba Ẹ̀rí Inú Ìrántí Láptọ́ọ̀pù Tó Kó Kòkòrò

Bí ariwo bá ta níléeṣẹ́ pé kòkòrò ti wọ láptọ́ọ̀pù kan, ibi tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń lọ ni bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti dá olè dúró lóòótọ́, àmọ́ ó ti bá olè náà gbálẹ̀ lórí ipasẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú kòkòrò tí wọ́n fi ń jà láyé òde òní kì í fi ara hàn lórí díìsìkì rárá. Inú Ráàmù ni wọ́n ń gbé, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Iná ló gbé ìrántí yìí ró. Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á fi pòórá, kò sì sí onímọ̀ tó lè pè é padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní RFC 3227, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2002, ti sọ ọ́ pé ohun tó bá máa tètè parẹ́ ni kí a kọ́kọ́ kó, kí a má sì pa kọ̀ǹpútà títí a ó fi kó ẹ̀rí tán. Ohun tó yí padà láti ìgbà náà ni pé a ti ní ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé orí láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, tó ń ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa, tí a sì lè jókòó sí ibòmíràn pàṣẹ fún. Ẹ̀ṣọ́ yìí lè já láptọ́ọ̀pù kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìpa á. Microsoft Defender for Endpoint ni mo máa lò nínú orí yìí, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń lo Windows. Ẹni tó bá ń lo CrowdStrike Falcon tàbí SentinelOne máa rí irú àwọn bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, orúkọ wọn ló máa yàtọ̀ díẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù LT-0417

Ẹ jẹ́ ká mú láptọ́ọ̀pù kan, kí a bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo to àpẹẹrẹ náà jọ, àmọ́ irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ káàkiri. Orúkọ rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni LT-0417. Akọ̀wé owó kan ní Ìkẹjà ló ń lò ó, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀, Ráàmù rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 16. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin yìí ti ṣí fáìlì kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì gẹ́gẹ́ bí ìwé ọjà tí ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n san owó rẹ̀. Kò rí nǹkan kan, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní aago 10:42, ìkìlọ̀ jáde lójú ewé Defender. Ó ní `rundll32.exe` lórí LT-0417 ń bá àdírẹ́sì `203.0.113.45` tó wà níta sọ̀rọ̀, àti pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ lórí ìlà àṣẹ. Ẹni tí kò mọ Windows dáadáa lè rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, torí ti Windows fúnra rẹ̀ ni `rundll32.exe`. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí fáìlì DLL tí a bá sọ fún un, kí ó sì lo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa rí orúkọ DLL kan lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí a bá rí i tó dá wà, tó tún ń pe òde, ó jọ pé ẹnì kan kàn ṣí i bí ìkarahun lásán ni, tó wá da kóòdù tirẹ̀ sínú rẹ̀. Bí Cobalt Strike ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ẹni tó ń lò ó kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Cobalt Strike yìí, irinṣẹ́ àwọn tó ń dán ààbò wò ni, àmọ́ àwọn ọ̀daràn ti jí i lò tipẹ́.

Bí a bá yẹ díìsìkì LT-0417 wò, a lè má rí kóòdù náà níbẹ̀. Inú ìrántí `rundll32.exe` ló wà. Ibẹ̀ náà ni ètò rẹ̀ tí a ti tú sílẹ̀ wà: àdírẹ́sì sáfà tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń sùn kí ó tó tún pe òde, àti àwọn àmì tó lè fi hàn bóyá ọwọ́ kan náà ló wà nídìí ìjà mìíràn. Ohun tí a fẹ́ gbà nìyẹn.

Kí a yà á sọ́tọ̀

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ṣé ìrántí ni kí a kọ́kọ́ gbà ni, àbí kí a kọ́kọ́ já láptọ́ọ̀pù kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Àwọn tó ní kí a kọ́kọ́ gba ìrántí ní ìdí wọn. RFC 3227 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti kìlọ̀ pé kòkòrò mìíràn wà tó máa mọ̀ bí a bá ti yọ òun kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì máa tìtorí bẹ́ẹ̀ nu ẹ̀rí nù. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ ìyàsọ́tọ̀ ni mo fara mọ́ pé kó ṣáájú. Bí ẹni tó wà lókèèrè bá ń rí ọ̀nà wọlé, ó lè ti LT-0417 bọ́ sórí sáfà owó oṣù láàárín ìgbà tí a ń wá díìsìkì tí a máa fi gba ìrántí, ó sì lè pàṣẹ fún kòkòrò náà pé kó pa ara rẹ̀ rẹ́. Ní ti àwọn àdírẹ́sì tó ń pè, ẹ̀ṣọ́ ti kọ wọ́n sílẹ̀ kí a tó dé. Ohun tí a lè pàdánù kéré sí ohun tí a máa dáàbò bò.

Lójú ewé LT-0417, a máa tẹ `Isolate device`. Ó máa bi wá bóyá kí á gba Outlook àti Teams láàyè láti máa ṣiṣẹ́ nìṣó. Ẹ má mú un. Ímeèlì ni kòkòrò yìí bá wọlé, a kò sì mọ ohun mìíràn tó ń gba ibẹ̀ jáde. Ó tún máa ní kí a kọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú aago àti orúkọ ẹni tó tẹ bọ́tìnì náà. Láti ìgbà náà lọ, láptọ́ọ̀pù náà kò ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ àti sáfà tó ń gba ìròyìn rẹ̀. Ní aago 10:45, ó hàn lójú ewé wa pé ó ti ṣe é.

Ibì kan wà tí ìyàsọ́tọ̀ ti máa ń já wa kulẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba inú VPN iléeṣẹ́ kọjá, ìyàsọ́tọ̀ máa gé VPN náà, ẹ̀ṣọ́ pàápàá kò sì ní rí ọ̀nà bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Láptọ́ọ̀pù náà ti yà sọ́tọ̀ lóòótọ́, àmọ́ a ti ti ara wa mọ́ta. Ẹ máa mọ̀ ọ́n báyìí: a kò ní lè ṣí ìjókòó kankan sórí rẹ̀, ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ròyìn gbẹ̀yìn á sì dúró gbagidi sójú kan. Ẹni tó ń ṣètò VPN ló máa wo èyí sàn, nípa jíjẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ máa gba ìta VPN kọjá. Iṣẹ́ tí a ń ṣe sílẹ̀ kí ọjọ́ ìjà tó dé ni, kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀

Ìkìlọ̀ máa hàn lójú láptọ́ọ̀pù náà pé wọ́n ti já a kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń lò ó máa rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ, yóò sì ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: yóò pa á, yóò sì tún tàn án. Nítorí náà, ìṣẹ́jú kan náà tí a bá tẹ bọ́tìnì ni kí a ti gbé fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa láptọ́ọ̀pù yín, ẹ má sì pa ìdérí rẹ̀ dé. Ẹ kàn fi ṣájà sí i, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀."

"Owó oṣù tí mò ń ṣe lọ́wọ́ ńkọ́?"

"A ti ń gbé òmíràn bọ̀ fún yín mà. Èyí tí ẹ ti ṣe kò ní sọnù."

Ṣájà àti ìdérí tí a mẹ́nu bà yẹn ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Bí ìdérí bá padé, láptọ́ọ̀pù á sùn, ẹ̀ṣọ́ kò ní fèsì mọ́, bí ó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Windows lè kó ìrántí sórí díìsìkì kó sì pa ara rẹ̀ pátápátá. Ti iná, ẹ̀yin náà mọ ibi tí a ń gbé. Láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé ara iná ìjọba nìkan ló ń gbé, tí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò ní fún wa ní àǹfààní kejì bí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ béèrè bátìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Bí kò bá dára, ibi tí ínfátà wà ni kí wọ́n ti fi ṣájà rẹ̀ sí i.

Ohun kejì tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ ni ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣètò Defender pé kí ó máa fúnra rẹ̀ wo ohun gbogbo sàn, ó lè pa `rundll32.exe` kí a tó gba ìrántí. Èmi kò ní sọ pé kí ẹ tìtorí èyí pa ìwòsàn yẹn fún gbogbo iléeṣẹ́, torí iye ìjà tó ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rí tí a ń pàdánù lọ. Àmọ́ fún ẹgbẹ́ láptọ́ọ̀pù tó bá ṣe kókó, bíi ti àwọn tó ń mú owó dání, a lè ṣètò rẹ̀ kí ó máa béèrè àṣẹ kí ó tó pa nǹkan. Bó ti wù kó rí, ẹ má fọwọ́ ara yín tẹ `Run antivirus scan` tàbí `Stop and quarantine` ní àkókò yìí. Bọ́tìnì méjèèjì ní ọjọ́ tiwọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn alábòójútó lọ fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ńlá rẹ̀ wọlé sórí láptọ́ọ̀pù náà. Inú ìrántí tí olè ń wò ni páswọ́ọ̀dù náà máa bọ́ sí.

Gbígba ìrántí

Defender ní ohun tí wọ́n ń pè ní `Live Response`, ìyẹn ojú dúdú kan tí a ti lè máa kọ àṣẹ sí láptọ́ọ̀pù náà bó tilẹ̀ ti yà sọ́tọ̀. Ipò SYSTEM, tó ga jù lórí Windows, ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí páswọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni tó bá a wọlé. Ní aago 10:49, a ṣí i, a sì kọ́kọ́ wo ohun tó wà láyìíká:

```
processes
connections
```

Ẹ gba èsì méjèèjì pamọ́. Àwòrán kékeré ni, àmọ́ bí ìrántí bá kọ̀ láti gbà, òun nìkan ló máa kù sí wa lọ́wọ́.

Ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè lọ síwájú mọ́ ló kàn. A lè fi `getfile` mú fáìlì wá sọ́dọ̀ wa, àmọ́ kò ní mú ohun tó bá ju gígábáìtì 3 lọ. Gígábáìtì 16 ni ìrántí tiwa. A kò sì lè gbé e lọ sórí sáfà wa, torí láptọ́ọ̀pù náà ti yà sọ́tọ̀. Bí a bá ní kí ó kọ ọ́ sórí díìsìkì tirẹ̀, a ti fi gígábáìtì 16 tẹ àyè tó ṣófo lórí `C:` mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn fáìlì tí olè ti parẹ́ ṣì lè wà. Ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí ẹnì kan gbé díìsìkì àgbékiri lọ bá a, kí ó kì í bọ̀ ọ́, kí a wá ti ọ̀dọ̀ wa pàṣẹ pé ibẹ̀ ni kí ó kọ ọ́ sí.

Díìsìkì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti nù mọ́, kí àyè rẹ̀ sì tó gígábáìtì 64, ó kéré tán. NTFS tàbí exFAT ni kí a fi ṣètò rẹ̀. Fuláàṣì tó bá ṣì wà lórí FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó tó gígábáìtì 4, gbígbà náà á sì dúró lójú ọ̀nà. Ẹ tún wò ó bóyá òfin iléeṣẹ́ yín kò jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kọ nǹkan sórí díìsìkì USB tí BitLocker kò bá tì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí díìsìkì ẹ̀rí yín ti wà ní títì pẹ̀lú BitLocker láti ilé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́.

WinPmem ni irinṣẹ́ tí a máa lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó kéré, kì í sì í béèrè pé kí a fi òun sórí kọ̀ǹpútà kí òun tó ṣiṣẹ́. A ti gbé e sínú `library` lójú ewé Defender kí ọjọ́ yìí tó dé, òun àti ìwé àṣẹ kékeré yìí, `mem.ps1`:

```powershell
$d = "E:\LT-0417"
$t = "$env:ProgramData\Microsoft\Windows Defender Advanced Threat Protection\Downloads\winpmem_mini_x64_rc2.exe"
New-Item -ItemType Directory -Path $d -Force
Get-Date -Format o | Out-File "$d\aago.txt"
& $t "$d\mem.raw"
Get-FileHash "$d\mem.raw" -Algorithm SHA256 |
  Format-List | Out-File "$d\sha256.txt"
```

Lẹ́yìn tí díìsìkì náà dé ní aago 11:03, tí a sì rí i pé lẹ́tà E ni Windows fún un, àṣẹ méjì ló kù:

```
putfile winpmem_mini_x64_rc2.exe
run mem.ps1
```

`run` kò ní dúró dè wá títí láé. Ìṣẹ́jú 30 ni Defender fún un. Díìsìkì SSD tó ń gba mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gbé gígábáìtì 16 tán ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Fuláàṣì olówó pọ́ọ́kú tó ń gba mẹ́gábáìtì 10 á lo ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, a ò tíì sọ ti ìṣirò SHA256 tó gbọ́dọ̀ tún fáìlì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fuláàṣì tí wọ́n pín níbi ìpàdé kò fi yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ìdí kejì tí kíákíá fi dára ni pé láptọ́ọ̀pù náà kò dúró jẹ́ẹ́ bí a ti ń gbà á. Ìrántí ń yí padà bí WinPmem ti ń kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ojú ewé tí a kà ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lè máa tọ́ka sí ibi tó jẹ́ pé, nígbà tí a bá fi máa dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹta, nǹkan mìíràn ti gba àyè rẹ̀. Gbígbà kankan kò bọ́ lọ́wọ́ èyí lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a dín in kù: kí ẹnikẹ́ni má ṣí nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan, kí ẹni tó gbé díìsìkì lọ má sì fọwọ́ kan máòsì.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ bí ó bá kùnà? Ẹ wo bí fáìlì náà ti tóbi tó. Láti gígábáìtì 16 sókè díẹ̀ ni ó yẹ kó jẹ́, torí àwọn àyè òfìfo tó wà láàárín àdírẹ́sì ìrántí máa ń mú un tóbi ju Ráàmù lọ. Bí ó bá jẹ́ òdo, tàbí mẹ́gábáìtì díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Windows má gba díráfà WinPmem láàyè, tàbí kí Defender ti mú un gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ olè. A máa rí ìkìlọ̀ rẹ̀ lójú ewé kan náà tí a ti rí ti kòkòrò. Ẹ gbé DumpIt tàbí irinṣẹ́ mìíràn tí ẹ ti dán wò sínú `library` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó lè bọ́ sí i. Ìjàǹbá tó burú jù ni kí díráfà gbìyànjú láti ka ibi tí Windows ti fi ààbò VBS tì pa, kí láptọ́ọ̀pù sì bọ́ sójú búlúù. Àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo ìrántí á sì bá a lọ.

Ṣé ó ṣí?

Fáìlì tó tóbi kì í ṣe ẹ̀rí títí a ó fi rí i pé ó ṣeé kà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọ láptọ́ọ̀pù náà mọ́, ẹ gbé díìsìkì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, bó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ Linux, torí ẹ̀ṣọ́ orí Windows lè rí kòkòrò nínú fáìlì náà kó sì gbé e tì mọ́lé. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà ni kí ẹ sì fi ṣiṣẹ́. Volatility 3 ni a máa fi ṣí i:

```
vol -f mem.raw windows.info
vol -f mem.raw windows.psscan
vol -f mem.raw windows.cmdline
vol -f mem.raw windows.netscan
vol -f mem.raw windows.malfind
```

Ti àkọ́kọ́ ni ìdánwò gan-an. Ó máa sọ irú Windows tó jẹ́ àti aago tó wà lórí láptọ́ọ̀pù náà nígbà tí a gbà á. Ti LT-0417 sọ pé aago 10:06 ni. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, torí aago UTC ló ń lò, ti Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Aago 11:06 tiwa nìyẹn, ó sì bá `aago.txt` mu. Ẹ kọ UTC sínú gbogbo ìròyìn yín láti ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan á bi yín nílé ẹjọ́ ìdí tí ẹ fi gba ìrántí kí ìkìlọ̀ tó jáde.

Bí Volatility bá kọ̀, tó ní òun kò lè rí ohun tí òun nílò fún `kernel`, ẹ má tíì dá fáìlì lẹ́bi. Ó gbọ́dọ̀ gba àpèjúwe Windows náà láti ọ̀dọ̀ Microsoft nígbà àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni.

Nínú `psscan`, a rí `rundll32.exe` pẹ̀lú nọ́ńbà 6128. Òbí rẹ̀ ni `powershell.exe` 5904, tó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ tó sì ti lọ. `psscan` ṣì rí i torí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí Windows tò sílẹ̀. Ṣe ló ń wá àjẹkù gbogbo iṣẹ́ káàkiri inú ìrántí. Bí Defender bá ti pa `rundll32.exe` kí a tó dé, bẹ́ẹ̀ náà la ṣì lè bá àjẹkù rẹ̀ pàdé. `cmdline` fi hàn pé òótọ́ ni kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn 6128. `netscan` ṣì mú `203.0.113.45` dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsopọ̀ náà ti kú láti 10:45. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo.

`malfind` ló wá fi òkodoro hàn. Ó rí àyè kan nínú 6128 tí a lè kọ nǹkan sí tí a sì tún lè ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́, `PAGE_EXECUTE_READWRITE`, tí kò sì ní fáìlì kankan lórí díìsìkì tó bí i. Kóòdù tó wọlé lọ́nà ẹ̀tọ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: `malfind` máa ń tọ́ka sí `MsMpEng.exe`, ìyẹn Defender fúnra rẹ̀, àti PowerShell, láìjẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń tọ́ka ibi tí ó yẹ kí a wò ni, kò dá ẹjọ́. Ohun tó jẹ́ kí 6128 yàtọ̀ ni pé àmì mẹ́ta pàdé lórí rẹ̀.

Nígbà mìíràn, a máa bá àyè náà, àmọ́ ohun inú rẹ̀ á rí wúruwùru. Cobalt Strike ayé ìsìnyí lè ti ara rẹ̀ pa nígbà tó bá ń sùn, kó sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó bá jí. Bí ìgbà tó ń sùn la gbà á, ètò rẹ̀ kò ní hàn kedere. Ojú ewé tí Windows bá sì ti kó lọ sínú `pagefile.sys` kò sí nínú `mem.raw` rárá. Ẹ rántí gba fáìlì yẹn nígbà tí ẹ bá ń ya gbogbo díìsìkì náà.

Ìwé tó ń tẹ̀ lé ẹ̀rí

Nọ́ńbà SHA256 tó wà nínú `sha256.txt` kò sọ pé ìrántí náà pé. Ohun tó lè jẹ́rìí sí ni pé fáìlì náà kò tíì yí padà láti ìgbà tí a ti gbà á. A kò lè padà lọ fi wé ojúlówó, torí ojúlówó ti yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìwé tí a kọ ló máa dúró fún un: ta ló gbé díìsìkì lọ, aago wo ló kì í bọ̀ ọ́, irinṣẹ́ wo ni a lò, kí ni a yí padà lórí láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ ta ni díìsìkì wà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Fífi WinPmem sórí rẹ̀ jẹ́ ìyípadà; ẹ kọ ọ́, ẹ má fi pamọ́.

Bí ọ̀ràn náà bá máa dé ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà, Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló máa bá wa sọ̀rọ̀. Ó ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó wà nípò láti mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà náà buwọ́ lù, tó sọ bí a ṣe rí ohun tí a mú wá àti irú ẹ̀rọ tí a fi gbà á. Ó rọrùn láti kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó le gan-an lẹ́yìn ọdún méjì. Bí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá wà lórí LT-0417, tí jíjáde rẹ̀ sì lè pa wọ́n lára, Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti ọdún 2023 fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó Àjọ tó ń rí sí i létí, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀. Kíka `mem.raw` ló lè sọ bóyá ìsọfúnni jáde. Ẹ má gbé e sínú dúrọ́ọ̀wà kí ó sùn níbẹ̀.

Ẹ sì tì í dáadáa. Páswọ́ọ̀dù akọ̀wé owó náà, kọ́kọ́rọ́ BitLocker rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ lórí WhatsApp, gbogbo rẹ̀ ló lè wà nínú fáìlì yẹn. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí i.

Bí a bá dé, tí a bá a ní pípa

Ẹ má tàn án. Ẹ yọ díìsìkì rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá `hiberfil.sys` wà níbẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù náà bá ti sùn wọra kí ó tó kú, ìrántí rẹ̀ lè wà nínú fáìlì yìí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn pa á lọ́nà tí a ń gbà pa Windows lójoojúmọ́, ìwọ̀nba ti Windows fúnra rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, ti `rundll32.exe` kò ní sí. Àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ló kù, ó sì dára ju òfo lọ, àmọ́ ohun tí kòkòrò náà ṣe ló máa sọ fún wa, kò lè fún wa ní kòkòrò náà.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ mú láptọ́ọ̀pù kan tí kò ní àrùn, tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù níléeṣẹ́ yín. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ gba ìrántí rẹ̀ sórí díìsìkì tí ẹ fẹ́ máa lò, kí ẹ fi `windows.info` ṣí i. Bí VPN bá máa tì yín mọ́ta, tàbí bí díráfà bá máa gbé e bọ́ sójú búlúù, orí láptọ́ọ̀pù yẹn ni kí ẹ ti rí i.